Má Wo Ẹwà Iṣu, Wo Ojú Ọgbẹ́ Rẹ̀

Iyán ni mò ń gún tà ní Ìbàdàn, ó sì ti pé ọdún 23 tí mo ti ń ra iṣu ní ọjà Bódìjà. Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi máa ń yin ọwọ́ mi lódó. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kí iná tó wọ abẹ́ ìkòkò rárá ni iyán ọjọ́ náà ti dára tàbí ti bàjẹ́. Níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí níwájú òkìtì iṣu, tí àtàǹpàkò mi ń tẹ ìdí iṣu kan tẹ̀lé òmíràn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi wà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ju odó lọ, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló kọ́ mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò jẹ́ kí n yan iṣu kankan. Tèmi ni kí n gbé agbọ̀n tẹ̀lé wọn, kí n sì máa wò. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í lọ síbi iṣu tó tóbi tó sì gún régé, èyí tí ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ bá. Ńṣe ni wọ́n máa ń yí iṣu po lọ́wọ́ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Nígbà tó yá, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní, “Ọgbẹ́ ni. Iṣu kì í dédé rà, ọmọ mi. Ibi tó ti fara pa ni ìrà ń gbà wọlé.”

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣu dúró lé. Èèpo iṣu dà bí awọ ara wa. Bí ó bá wà lódindi, ohun tó ń mú nǹkan rà yóò máa rìn yí i ká ni, kò ní tètè rọ́nà wọ inú. Ṣùgbọ́n láti oko títí dé ọjà, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń gún èèpo náà. Àdá tàbí ọkọ́ lè bà á nígbà tí wọ́n ń wà á. Kòkòrò inú ilẹ̀ lè ti lu ihò sí i kí wọ́n tó wà á. Eku lè jẹ ẹ́ nínú abà. Wọ́n lè jù ú sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, kí èyí tó wà lókè sì tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí iṣu ń gbà fara pa ti mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn.

Ìdí iṣu ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Iṣu ní orí, ó sì ní ìdí. Orí ni ibi tó ti so mọ́ okùn rẹ̀ nínú ebè, ó le, ó sì sábà máa ń ní irun gbòǹgbò díẹ̀ lára. Ìdí ni apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tí iṣu ti ń gùn sí i títí di ìgbà tí wọ́n wà á. Nítorí náà, ìdí ló kéré lọ́jọ́ orí jùlọ nínú gbogbo ara iṣu. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ tutù. Òun náà ló sì jìn jùlọ nínú ilẹ̀, tí àgbẹ̀ kò rí i nígbà tó ń fi àdá wá a kiri. Bí wọ́n bá fi agbára fa iṣu náà jáde, ìdí ló máa ń ṣẹ́ tàbí tó máa ń bó. Bí ìrà yóò bá yọjú, ìdí ló sábà máa ń ti yọjú.

Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé iṣu náà, mo máa ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ìdí rẹ̀, kì í ṣe ní ojú kan, àmọ́ yíká. Ìdí tó dára yóò le bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ igi tútù. Èyí tó ti ń rà yóò rì díẹ̀ lábẹ́ ìka, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Nígbà mìíràn kò ní rì púpọ̀, ṣùgbọ́n èèpo ibẹ̀ yóò máa yọ̀ lórí ara tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ìyẹn náà ti tó láti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé ìka yẹn súnmọ́ imú. Iṣu tó dára ń rùn bí erùpẹ̀ gbígbẹ. Èyí tó ti ń rà ní inú máa ń rùn kíkan bí omi ògì tó pẹ́ jù, kódà nígbà tí ojú kò tíì rí nǹkan kan. Bí mo bá sì rí kòkòrò eṣinṣin kéékèèké tó ń bà lé ìdí iṣu kan ṣoṣo nínú òkìtì, mi ò tún ní fọwọ́ kan ìyẹn. Wọ́n ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìdí ni mo máa ń yí i sí orí. Ìgbà méjì ni àwọn àgbẹ̀ kan máa ń kórè iṣu kan náà. Ní nǹkan bí oṣù Agẹmọ tàbí oṣù Ògún, wọn a wa ebè pẹ̀lẹ́, wọn a gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí rẹ̀, wọn a sì bo orí náà padà kó lè tún ta sí i, èyí tí wọn yóò fi ṣe èbù. Iṣu tí wọ́n gé báyìí máa ń gbé ojú ọgbẹ́ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ wá sọ́jà lókè orí. Kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ti padà tì.

Ọgbẹ́ tó ti jinná yàtọ̀ sí ọgbẹ́ tó kàn gbẹ lójú. Bí iṣu bá fara pa tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa ní oko, tí wọ́n kó o jọ sí abẹ́ òjìji, níbi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí wọ́n bò ó fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje, yóò hu èèpo mìíràn lé ojú ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí mo bá fi èékánná ha irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó le, ó rí bí èèpo igi, kò sì ṣí. Bí mo bá ha á jinlẹ̀ díẹ̀, funfun ni mo ń bá lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò jinná yóò rọ̀ létí, etí rẹ̀ yóò rì wọnú bí etí ihò, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí omi tíì. Bí irun funfun wẹ́wẹ́ bá ti hù lójú rẹ̀, a jẹ́ pé ó ti bu nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ eérú wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ oníṣu máa ń fi eérú igi pa ojú ibi tí wọ́n bá gé iṣu. Èèyàn lè rò pé wọ́n fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Eérú máa ń mú ojú ọgbẹ́ gbẹ, àwọn baba wa ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ohun tó yẹ kí a ṣe ni kí a nu eérú náà kúrò pẹ̀lú ìka. Bí eérú bá gbẹ tó sì gbọ̀n dànù, ọgbẹ́ abẹ́ rẹ̀ sábà máa ń dára. Bí ó bá ti di ẹrẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, a jẹ́ pé omi ń jáde láti inú wá. Omi yẹn ni ìrà. Bákan náà ni mo ṣe ń ṣọ́ra fún iṣu tí ìdí rẹ̀ kúrú tó sì tẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ, tí eérú tuntun sì wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé ìdí tó rà kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ eérú yìí. Ní ọdún kẹta tí mo dá dúró, ilẹ̀ ṣú bá mi lọ́nà, mo sì ra iṣu 30 lọ́wọ́ ẹnìkan lẹ́bàá ọ̀nà. Òkùnkùn ti ń kùn, òjò sì ń ṣú. Mo wo títóbi wọn, mo sanwó. Mo kó gbogbo wọn jọ lórí ara wọn sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ òórùn. Méje ti rà, nínú èyí tí mẹ́rin fi ẹrẹ̀ eérú bo ojú ibi tí wọ́n gé. Ohun tó dùn mí jù ni pé mẹ́ta tó kù nínú méje náà kò níṣòro nígbà tí mo rà wọ́n. Abẹ́ àwọn tó ń rà ni wọ́n wà, omi ìrà ń kán lé wọn lórí, ó sì ń gba ojú ìbó kéékèèké ara wọn wọlé. Láti ìgbà náà, mi ò ra iṣu lálẹ́ mọ́, mi ò sì to iṣu lórí ara wọn mọ́. Orí pákó ni mo ń tẹ́ wọn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba àárín wọn kọjá.

Ìrà olómi tí mo ń sọ yìí kò ṣòroó mọ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù. Èyí tó máa ń tan èèyàn ni ìrà gbígbẹ. Iṣu tó ní in kì í rùn, kì í rọ̀, kì í sì í ṣomi. Èèyàn a gbé e délé, a bẹ èèpo rẹ̀, a sì rí i pé abẹ́ èèpo ti di àwọ̀ pupa rúsúrúsú tàbí dúdú yíká, bí ìgbà tí iná bá jó etí búrẹ́dì. Àgbẹ̀ kan láti Òkè-Ògùn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní aràn tíntín kan ló ń fà á, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú ilẹ̀ ló ti ń wọ iṣu lára, èbù tó bá sì ti ní in tẹ́lẹ̀ máa ń gbé e lọ sí oko mìíràn. Abẹ́ èèpo ló ń gbé, ó sì ń jẹ ara iṣu níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ibi tó bá jẹ yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè. Tó bá yá, yóò pupa, yóò sì dúdú. Kì í sábà jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró bí wọ́n bá wa iṣu kúrò nílẹ̀. Nínú abà gan-an ló tún máa ń gbilẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí iṣu oṣù Bélú fi lè mọ́ nínú, kí ti oṣù Igbe láti oko kan náà sì ti dúdú yíká.

Ohun méjì ló ń tú àṣírí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èèpo. Èèpo iṣu tó ní ìrà gbígbẹ máa ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀dá, ó sì máa ń ṣí ní pẹlẹbẹ bí èèyàn bá fi ọwọ́ ra á. Mo mọ̀ pé iṣu mìíràn wà tí èèpo rẹ̀ rí gbágungbàgun láti ilé wá, nítorí náà mi ò ní tìtorí èèpo nìkan dá ẹjọ́. Ohun kejì ni èékánná. Ibi tí èèpo ti sán ni mo máa ń fi èékánná ha, níwọ̀nba bí orí abẹ́rẹ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Bí ara funfun tàbí ti wàrà bá yọ, tí omi rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, iṣu náà mọ́. Bí àwọ̀ ìyeyè tàbí pupa bá yọ, tó sì gbẹ bí ìyẹ̀fun, mo ti rí i. Mo máa ń gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣu kí n tó ha á, ibi kan ṣoṣo ni mo sì máa ń ha. Iṣu tí gbogbo èèyàn ti ha káàkiri ara, a jẹ́ pé ọgbẹ́ tuntun la dá sí i lára fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Iṣu tó ní ìrà gbígbẹ kì í ṣe ohun àjùsígbó. Bí a bá bẹ èèpo rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ lè funfun nini. Ṣùgbọ́n èèpo tó nípọn lówó. Nínú iṣu tó tinrin, ìbẹ̀ nípọn bẹ́ẹ̀ lè gba ìdajì iṣu lọ. Nínú èyí tó sanra, ohun tó ń lọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí ìrà gbígbẹ lára iṣu tó sanra, mo lè ra á bí wọ́n bá gé owó rẹ̀ lulẹ̀. Èyí tó tinrin, mo máa ń dá a padà. Ti ìrà olómi yàtọ̀ pátápátá. Òun kì í dúró síbi tí ojú rí i mọ. Bí a tilẹ̀ gé e kúrò, èyí tó kù máa ń korò, òórùn rẹ̀ sì máa ń bá a dénú odó. Mi ò rà á ní iyekíye.

Gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ kejì, ìyẹn iṣu tí kò rà ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ti lọ. Àwọn obìnrin ọjà máa ń sọ pé iṣu náà “ti rọ”. Iṣu kì í ṣe òkúta. Ó ń mí títí wọn yóò fi sè é, omi sì ń bá èémí náà jáde. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkórè, ó máa ń sùn, ohun tó ń sọ nù kò sì tó nǹkan. Nígbà tó bá di oṣù Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, yóò jí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ara rẹ̀ ni ẹ̀hù náà ń jẹ. Ẹ̀hù tó gùn tó ìbú ọwọ́ ti jẹ ohun tó yẹ kí a fi gún iyán.

Ìwọ̀n ni a fi ń mọ èyí, ọwọ́ sì ni òṣùwọ̀n. Màmá Àgbà máa ń ní kí n gbé iṣu méjì tí wọ́n tóbi bákan náà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí n sì di ojú mi. Wọ́n ní ojú máa ń parọ́ fún ọwọ́. Èyí tó dára yóò fa ọwọ́ wálẹ̀ ju bí ẹni tó gbé e ṣe rò lọ. Èyí tó ti rọ yóò fúyẹ́ bí ìgbà tí èèyàn gbé ṣágo tó rò pé omi wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi eegun ìka kan án. Èyí tó kún máa ń dún pọ́ńkí, ohùn rẹ̀ sì máa ń kúrú. Èyí tó ti rọ tàbí tó ti ní ihò nínú máa ń dún bí igbá. Èèpo rẹ̀ náà yóò ti hunjọ, pàápàá lẹ́bàá orí.

Nítorí pé gbogbo èèyàn mọ̀ pé iṣu tó hù kò dára tó, àwọn tó ń tà á máa ń ká ẹ̀hù náà kúrò. Èyí náà kì í ṣe ẹ̀tàn lásán. Bí wọ́n bá tètè ká a, iṣu yóò tún pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ojúlé ẹ̀hù kì í parẹ́. Mo máa ń wo orí iṣu dáadáa, mo sì máa ń ka àpá róbótó kéékèèké tó wà níbẹ̀. Àpá kan tó tutù kò dẹ́rù bà mí. Bí mo bá rí àpá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí àwọn kan ti dúdú tí àwọn kan sì tutù, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ká a léraléra, oúnjẹ inú rẹ̀ sì ti ń tán. Síbẹ̀, irú iṣu bẹ́ẹ̀ ní ìwúlò tirẹ̀. Iṣu tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń dùn ju tuntun lọ lẹ́nu, nítorí pé ara rẹ̀ ti ń di ṣúgà. Ó dára fún àsáró, ó sì dára fún iṣu sísè jẹ. Tí a bá gún un ni yóò máa ní iṣan tó ń lọ́ mọ́ ọmọ odó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe lọ ní ọjọ́ kan, kí ó lè yéni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nínú oṣù Igbe ọdún tó kọjá. Iṣu 12 ni mo nílò. Ìyá oníṣu tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn to iṣu 20 sílẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tó ti Ṣakí dé lóru ló kó wọn wá. Wọ́n kí mi pé, “Ìyá Oníyán, ẹ káàárọ̀. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe máa ń wò ó.” Mo kí wọn padà, mo kúnlẹ̀ ti òkìtì náà.

Mo kọ́kọ́ tẹ ìdí gbogbo wọn láìṣe ohun mìíràn. Mẹ́ta rì lábẹ́ ìka. Ọ̀kan nínú wọn tóbi jù lójú ilẹ̀ níbẹ̀, òun náà ni èèpo ìdí rẹ̀ ń yọ̀. Mo ya mẹ́ta náà sọ́tọ̀, ó ku 17. Mo wá yí àwọn tó kù sí orí, mo sì ń nu eérú ojú wọn. Méjì ló ní eérú tó ti di ẹrẹ̀. Ó ku 15. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn ní méjì-méjì. Méjì fúyẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, mo sì ka àpá ẹ̀hù mẹ́rin lórí ọ̀kan, mẹ́ta lórí èkejì. Ó ku 13. Nínú 13 yìí, ọ̀kan ní èèpo tó sán láti àárín lọ sí ìdí, ó sì tinrin. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ha èyí wò?” Wọ́n ní kí n ha á. Ìyeyè ló yọ. Àwọn fúnra wọn ló gbé e kúrò níwájú mi. Ó wá ku 12 géérégé.

Mo sanwó fún 12 náà ní iye tí wọ́n dá lé e, láì yọ kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo na ìka sí méjì tó fúyẹ́. Mo ní, “Ẹ bá mi ta ìwọ̀nyí ní iye iṣu kan, mo fẹ́ fi se àsáró fún àwọn ọmọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Mi ò mọ ẹni tó ra mẹ́ta tó rọ̀ ní ìdí. Mo kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí mẹ́ta náà sùn mọ́ àwọn tó kù, wọ́n sì gbé wọn lọ sí apá ibòmíràn.

Nígbà tí mo délé tí mo sì gé wọn, 11 nínú 12 funfun nini. Èyí tó kù ní ojú kan láàárín ikùn rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Èèpo tó wà lórí ibẹ̀ kò bó, kò sán, kò sì rọ̀. Ó ti já bọ́ láti ibì kan, tàbí òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀, ọgbẹ́ náà sì wà nínú láìsí ojú. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo fi èyí tó kù sè. Irú èyí ni ọwọ́ kò lè mọ̀. Kò tún lè mọ̀ bóyá iyán yóò fà tàbí yóò ní kókó, nítorí ìyẹn wà lọ́wọ́ irú iṣu náà, ilẹ̀ tó ti hù, àti bóyá ó gbó kí wọ́n tó wà á. Ní ti gbígbó, a lè rí àmì díẹ̀. Iṣu tuntun tí wọ́n wà kánjúkánjú ní oṣù Agẹmọ máa ń ní èèpo tó ń bó lábẹ́ àtàǹpàkò, ìdí rẹ̀ máa ń funfun, bí a bá sì ha á, omi máa ń ṣàn dípò kó lẹ̀. Kò rà, kò sì rọ. Kò tíì tó gún ni.

Nítorí ohun tí ọwọ́ kò lè mọ̀ yìí ni mo ṣe máa ń ra iṣu kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́ bí mo bá fẹ́ ra púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Mo máa ń sanwó rẹ̀, mo sì máa ń ní kí wọ́n gé e sí méjì ní àárín níwájú mi. Mo máa ń wo etí rẹ̀ yíká bóyá òrùka dúdú wà lábẹ́ èèpo, mo máa ń wo ikùn rẹ̀ bóyá ojú pupa wà níbẹ̀. Iṣu kan tí mo sanwó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30 tó lè jẹ gbèsè sí mi lọ́rùn.

Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi lọ sí ọjà báyìí. Òun náà ń gbé agbọ̀n, ó ń wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti tẹ ìdí iṣu kan, mo sì ti tò ó mọ́ àwọn tí mo fẹ́ rà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ìka lọ sí imú, ó sì rọra yọ iṣu náà kúrò láìsọ̀rọ̀. Èmi náà gbé e, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn omi ògì tó pẹ́ jù ni. Mo gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kí òun máa yan èyí tó kù.